Òrí Ṣakí, Dọ́là Lọ́ńdọ̀nù: Bí Èrè Pàṣípààrọ̀ Ṣe Ń Wọ Ìwé Ìṣirò

Nígbà tí oníṣòwò kan ní Nàìjíríà bá tajà fún oníbàárà tó wà lókè òkun, tó sì kọ iye rẹ̀ ní dọ́là sínú ìwé owó ọjà tí wọ́n ń pè ní ìnfọ́ìsì, ohun méjì ló ṣe pọ̀. Ó tajà, ó sì fi dọ́là sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà títí di ọjọ́ tí yóò san án. Ọ̀rọ̀ èrè orí ọjà ti parí lọ́jọ́ tí ọjà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè dọ́là tó kù nílẹ̀ ni kò dúró sójú kan, nítorí pé iye náírà tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ń yí padà. Bí dọ́là bá wọ́n sí i kí oníbàárà tó sanwó, náírà tí yóò wọlé yóò ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ títà lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni èrè pàṣípààrọ̀. Bí dọ́là bá já wálẹ̀ ńkọ́? Àdánù pàṣípààrọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dí àwọn oníṣirò owó lọ́wọ́ láyé ìgbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń so iye náírà mọ́lẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, tí wọ́n dá ọjà pàṣípààrọ̀ tí a mọ̀ sí SFEM sílẹ̀, ni náírà kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọjà. Lẹ́yìn ìgbà náà pàápàá, ọdún púpọ̀ wà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi di iye rẹ̀ mú. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì náà pa oríṣiríṣi ojú ọjà pàṣípààrọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ sí ẹyọ kan, ó sì ní kí ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà jọ dúnàádúrà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 470 gun orí nǹkan bí 660 lọ́jọ́ náà. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní 900. Kí oṣù Kìíní ọdún 2024 tó tán, ó ti súnmọ́ 1,500. Ẹni tí ará òkèèrè jẹ ní gbèsè dọ́là láàárín àkókò yìí rí i tí iye gbèsè náà ní náírà ń gòkè, láìjẹ́ pé oníbàárà fi sẹ́ǹtì kan lé e.

Ìlànà tó sọ bí wọn yóò ṣe kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni IAS 21, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà ìṣirò owó àgbáyé. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún 2012 sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú àwọn ìlànà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fúyẹ́ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni méjèèjì sọ níbí. Iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí ọjà di ti oníbàárà ni wọ́n á fi sọ iye ọjà náà di náírà, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Gbèsè tí oníbàárà jẹ ni wọ́n á máa tún ṣírò: ní ọjọ́ tí ọdún ìṣirò bá parí, àti ní ọjọ́ tí owó bá wọlé. Gbogbo ìyàtọ̀ tó bá yọ yóò lọ sínú èrè tàbí àdánù ọdún tó bọ́ sí.

Nígbà kan rí, àwọn oníṣirò kan gbà pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọjà kò tíì tà tán títí owó yóò fi dé, nítorí náà kí wọ́n dúró de iye náírà tó bá wọlé, kí wọ́n sì pe gbogbo rẹ̀ ní owó ọjà. Àwọn tó takò wọ́n ló borí, àríyànjiyàn wọn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Títa òrí jẹ́ ìpinnu kan. Fífi dọ́là sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà fún oṣù mẹ́ta jẹ́ ìpinnu mìíràn. Oníṣòwò ìbá ti gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbá sì ti ṣẹ́ ẹ sí náírà kíá. Ohun tó jèrè nítorí pé ó dúró kì í ṣe èrè orí òrí. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ọjà òun ló ń mówó wá ni àbí náírà tó ń já.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, tó ń ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan èso rẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń pò ó nínú omi títí òrí yóò fi yọ. Náírà ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń san owó òrí, owó epo dísù àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà náírà ni owó tí wọ́n fi ń kọ ìwé. Oníbàárà wọn ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpara ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fẹnu kò lórí tọ́ọ̀nù 20 òrí ní dọ́là 2,000 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ dọ́là 40,000, kí oníbàárà sì san án láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá ti wọ ọkọ̀. Iye pàṣípààrọ̀ tí àpẹẹrẹ yìí lò kò jìnnà sí èyí tó wà lọ́jà láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2023 sí oṣù Kejì ọdún 2024, àmọ́ wọ́n gé e sí iye tó rọrùn láti ṣírò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́: ọjọ́ wo gan-an ni ọjà yìí tà? Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tẹ ìnfọ́ìsì jáde ní Ṣakí, nítorí pé báńkì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó lè parí ìwé NXP, ìyẹn ìwé tí olùtajà sókè òkun gbọ́dọ̀ ní kí ẹrù rẹ̀ tó lè jáde. Dọ́là wà ní náírà 790 lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ètò FOB ni wọ́n fi tajà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ewu ọjà ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ń tà á títí ẹrù yóò fi wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ni ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ náà ló wà lára ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ fi jẹ́rìí sí ẹrù, dọ́là sì ti di náírà 800. Iye 800 yìí ni wọ́n á lò. Bí kọnténà náà bá já sí kòtò lójú ọ̀nà Ìbàdàn lọ́jọ́ 6, ta ni òrí náà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́? Ilé-iṣẹ́ Ṣakí ni. Ohun tí oníṣòwò ṣì lè pàdánù báyẹn, kò tíì tà á.

Nítorí náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, dọ́là 40,000 ní náírà 800 jẹ́ náírà mílíọ̀nù 32. Oníṣirò yóò kọ mílíọ̀nù 32 sójú-ìwé oníbàárà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tó jẹ, yóò sì kọ iye kan náà sójú-ìwé ọjà títà. Bí iye owó tí wọ́n fi ra òrí, tí wọ́n fi dì í, tí wọ́n sì fi gbé e dé Àpápá bá jẹ́ náírà mílíọ̀nù 25, èrè orí ọjà náà jẹ́ mílíọ̀nù méje. Ó di méje títí ayé. Ohunkóhun tí náírà bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò ní sọ ọ́ di mẹ́jọ, kò sì ní sọ ọ́ di mẹ́fà.

Ọdún ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, oníbàárà kò sì tíì sanwó. Dọ́là ti di náírà 900. Gbèsè náà ṣì jẹ́ dọ́là 40,000 gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ní náírà ó ti di mílíọ̀nù 36. Wọ́n á fi mílíọ̀nù mẹ́rin kún ojú-ìwé oníbàárà, wọ́n á sì kọ mílíọ̀nù mẹ́rin náà sílẹ̀ bí èrè pàṣípààrọ̀ ọdún 2023. Èrè tí kò tíì dé ọwọ́ ni, síbẹ̀ èrè ni ìlànà pè é, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́. Òfin yìí ń bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nínú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni díẹ̀, nítorí pé náírà tó gòkè lónìí lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Ohun tí ìlànà ń tẹ̀ lé ni pé ìwé ìparí ọdún gbọ́dọ̀ sọ ohun tí gbèsè náà tó lọ́jọ́ yẹn. Kíkọ ọ́ sínú ìwé kò sì sọ pé kí wọ́n ná an. Ilé-iṣẹ́ tó bá pín irú èrè bẹ́ẹ̀ fún àwọn onípìn-ín kí dọ́là tó wọlé ń pín owó tó ṣì wà lápò ẹlòmíràn.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2024. Oníbàárà fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, owó rẹ̀ sì balẹ̀ sínú àkáǹtì dọ́là ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 15. Kò sí wàhálà ti òfin níbẹ̀, nítorí pé àyè ọgọ́sàn-án ọjọ́ ni Báńkì Àpapọ̀ fún owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì láti fi wọlé. Dọ́là wà ní náírà 1,500. Ṣùgbọ́n ohun tó balẹ̀ sínú àkáǹtì jẹ́ dọ́là 39,960. Báńkì tó wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Nàìjíríà ti yọ dọ́là 40 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí oníṣirò rọra. Oníbàárà san gbogbo gbèsè rẹ̀, ìyẹn dọ́là 40,000. Báńkì ló gba 40 nínú rẹ̀. Dọ́là 39,960 ní 1,500 jẹ́ náírà 59,940,000, èyí ni yóò wọ ojú-ìwé àkáǹtì dọ́là. Dọ́là 40 ní 1,500 jẹ́ náírà 60,000, ìnáwó báńkì ni. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ náírà mílíọ̀nù 60. Gbèsè tó wà nínú ìwé láti ìparí ọdún jẹ́ mílíọ̀nù 36. Ìyàtọ̀ wọn, mílíọ̀nù 24, ni èrè pàṣípààrọ̀ ọdún 2024, ojú-ìwé oníbàárà sì di òfo ní dọ́là àti ní náírà. Ẹni tó bá kàn wo iye tó wọlé, tó yọ 36 kúrò nínú 59,940,000, yóò rí náírà 23,940,000, yóò sì rò pé èrè nìyẹn. Ó ti fi ìnáwó báńkì pamọ́ sábẹ́ èrè. Lórí ìnfọ́ìsì kan, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nínú ilé-iṣẹ́ tó ń gba ọgọ́rùn-ún irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, báńkì lè sọ owó iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Bí wọ́n bá ka ọdún méjèèjì pọ̀, èrè pàṣípààrọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 28: mẹ́rin ní ọdún 2023, mẹ́rìnlélógún ní ọdún 2024. Èrè orí òrí jẹ́ mílíọ̀nù méje péré. Ohun tó yẹ kó ṣe kàyéfì nìyí, pé owó tó wá látinú dídúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin owó tó wá látinú iṣẹ́. Ó sì yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ béèrè ohun tí mílíọ̀nù 60 náà lè rà. Nígbà tí dọ́là bá gòkè bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fi dọ́là tajà ni wọ́n ń bá ara wọn du òrí lọ́jà Ṣakí, owó rẹ̀ a sì máa gòkè. Bí tọ́ọ̀nù 20 mìíràn bá ti di mílíọ̀nù 45 kó tó dé Àpápá, ogún mílíọ̀nù nínú èrè pàṣípààrọ̀ náà ti ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe: òun ni yóò fi kún owó tí wọ́n fi ra ọjà ìṣáájú kí wọ́n tó lè ra òmíràn. Ìwé ìṣirò kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí owó ti wọ àkáǹtì dọ́là, ọ̀rọ̀ oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù parí pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ kò parí. Dọ́là tó wà ní báńkì ṣì jẹ́ dọ́là. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá dúró di ọjọ́ mélòó kan kó tó ta dọ́là 39,960 náà fún báńkì ní náírà 1,480, ohun tí yóò gbà jẹ́ náírà 59,140,800. Èyí fi náírà 799,200 dín sí ohun tó wà nínú ìwé, àdánù pàṣípààrọ̀ sì ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n mú àdánù yìí lọ yọ lára èrè tó wá látọ̀dọ̀ oníbàárà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìpinnu láti fi dọ́là sílẹ̀ ní báńkì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, oníbàárà kò lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í gbà kí ẹrù lọ láìjẹ́ pé oníbàárà ti san nǹkan sílẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ Ṣakí ti gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú, ìyẹn dọ́là 12,000, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, nígbà tí dọ́là wà ní náírà 750. Náírà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n á kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n jẹ oníbàárà. Ṣùgbọ́n òrí ni wọ́n jẹ ẹ́, wọn kò jẹ ẹ́ ní dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni òrí kì í gùn, kì í sọ̀ nítorí pàṣípààrọ̀. Nítorí náà wọn kò ní tún iye yẹn ṣírò mọ́. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá tí ẹrù wọ ọkọ̀, owó ọjà yóò jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn pẹ̀lú dọ́là 28,000 tó kù ní náírà 800, ìyẹn náírà 22,400,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 31,400,000. Ọjà kan náà, dọ́là kan náà, ṣùgbọ́n owó ọjà ní náírà fi 600,000 dín sí ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe àṣìṣe. Dọ́là 28,000 nìkan ló wà nínú ewu pàṣípààrọ̀ láti ọjọ́ náà lọ, òun nìkan ni wọ́n á sì máa tún ṣírò.

Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa kò ṣòro. Ìwé oníbàárà tó ń fi owó òkèèrè ra ọjà gbọ́dọ̀ ní òpó méjì, ọ̀kan fún dọ́là, ọ̀kan fún náírà. Bí òpó dọ́là bá ti di òfo tí òpó náírà ṣì ní nǹkan nínú, ẹnì kan ti gbàgbé láti kọ èrè tàbí àdánù pàṣípààrọ̀ sílẹ̀. Bí oníṣirò Ṣakí bá kọ mílíọ̀nù 60 tó wọlé láìkọ mílíọ̀nù 24, ìwé náà yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ Ṣakí ló jẹ oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù ní mílíọ̀nù 24. Wọ́n ti rí ibi tí irú iye bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé fún ọdún méjì, tí àwọn kan ń pè é ní owó tí oníbàárà san lé. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: òpó náírà ti di òfo, ṣùgbọ́n dọ́là díẹ̀ ṣì wà nínú òpó kejì. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ owó tí báńkì yọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, dọ́là 40, 25, 60, tó ń jókòó síbẹ̀ bí gbèsè tí oníbàárà kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò ní àrékérekè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ èrè ìparí ọdún sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọ́n á sì yí i padà ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, kí gbèsè lè padà sí mílíọ̀nù 32. Nígbà tí owó bá wá wọlé, ẹ̀rọ á fi 60 wé 32, á kọ èrè mílíọ̀nù 28, á sì yọ mẹ́rin tó yí padà kúrò, kí ọdún 2024 lè ní mílíọ̀nù 24 gẹ́lẹ́. Ó dára, bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ bá jẹ́ kí ìyípadà yẹn wáyé. Bí ó bá pa á tì, mílíọ̀nù mẹ́rin yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, èrè ọdún méjèèjì yóò sì jẹ́ 32 dípò 28.

Ibi tí àṣìṣe tó tóbi jù ti ń wá ni iye pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ń lò. Ìlànà gbà kí ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lójoojúmọ́ lo iye àárín fún gbogbo oṣù, kó má bàa máa wá iye tuntun fún ìnfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò gbà á bí iye náà bá ń já fìrì. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ìdajì oṣù náà wà lábẹ́ nǹkan bí 470, ìyókù lókè 660. Iye àárín oṣù yẹn kò bá ọjọ́ kankan mu nínú rẹ̀: ọjà tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ 5 yóò gbówó lórí, èyí tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ 26 yóò sì wálẹ̀. Èkejì ni iye ọjà dúdú. Àwọn kan máa ń lò ó nítorí pé òun ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mọ́là tó ń ṣẹ́ owó, ṣùgbọ́n iye tí ilé-iṣẹ́ lè fi gba owó rẹ̀ lábẹ́ òfin ni ìlànà ń béèrè, báńkì sì ni owó ọjà òkèèrè ti ń wọlé.

Bí dọ́là ṣe lè gòkè ló ṣe lè wálẹ̀, àwọn tó rò pé náírà kò mọ̀ ju jíjá lọ sì rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún náà, dọ́là wà ní nǹkan bí náírà 1,600. Nígbà tí yóò fi di àárín oṣù Kẹrin, ó ti wá sí nǹkan bí 1,150. Ẹni tó ta ọjà dọ́là 10,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta kọ náírà mílíọ̀nù 16 sílẹ̀ bí owó ọjà. Nígbà tí owó rẹ̀ wọlé ní àárín oṣù Kẹrin, ó gba mílíọ̀nù 11 àti ààbọ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ jẹ́ àdánù pàṣípààrọ̀, owó ọjà rẹ̀ sì ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 16 nínú ìwé. Bí mílíọ̀nù 13 bá ló ná sórí ọjà náà, ìwé yóò sọ pé ó jèrè mẹ́ta lórí ọjà, ó sì pàdánù mẹ́rin àti ààbọ̀ lórí dídúró. Ó dá ọ̀gá lójú ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀.

Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ń ṣe ìṣirò tirẹ̀. Pọ́n-ùn ni owó tirẹ̀, dọ́là sì ni gbèsè rẹ̀, nítorí náà òun náà ní èrè tàbí àdánù láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n èrè ilé-iṣẹ́ Ṣakí kò ti àpò rẹ̀ wá. Ọwọ́ náírà ló ti wá, dọ́là kan ṣoṣo kò kúrò lọ́wọ́ oníbàárà náà ju èyí tó wà nínú ìnfọ́ìsì lọ. Bí wọ́n bá ti kọ pọ́n-ùn sínú ìnfọ́ìsì láti ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà ni ọkàn rẹ̀ ìbá balẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ náírà, ilé-iṣẹ́ Ṣakí ìbá ti gba mílíọ̀nù 32 péré, oníbàárà ìbá sì ti fi dọ́là tó dín ní 22,000 san gbèsè náà ní oṣù Kejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí, èrè tó wọlé àti èyí tí kò tíì wọlé yà sọ́tọ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba ìlànà àgbáyé ni àjọ agbowó-orí ti ń tẹ̀ lé e pé kí ilé-iṣẹ́ yọ èrè pàṣípààrọ̀ tí kò tíì dé ọwọ́ kúrò nínú èrè tí wọ́n máa bu owó-orí lé. Bákan náà, àdánù tí kò tíì ṣẹ kò lè dín owó-orí kù. Nítorí náà, mílíọ̀nù mẹ́rin tó wà nínú ìwé ọdún 2023 kò ní owó-orí nínú ìṣirò ọdún yẹn. Ọdún 2024, tí dọ́là wọlé, ni wọ́n á ka gbogbo mílíọ̀nù 28. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá kọ mẹ́rin àti mẹ́rìnlélógún sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ọjà, yóò san owó-orí lórí mẹ́rin kí owó tó dé, kò sì ní ní ìwé tó lè fi hàn pé kò yẹ kó san án nígbà náà. Èyí ló fà á tí àwọn oníṣirò tó gbọ́n fi ń ṣí ojú-ìwé méjì fún èrè pàṣípààrọ̀, ọ̀kan fún èyí tó ti wọlé, ọ̀kan fún èyí tó ṣì wà lọ́nà, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà ìnfọ́ìsì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò lè tọ owó náà dé orí ọkọ̀ tó gbé òrí.